Aṣọ Kan Ṣoṣo Tí Màmá Wọ̀ Lórí Fóònù

Obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí ló kọ ọ́ sábẹ́ fídíò wa pé, "Tàntí yìí, ṣé wọn ò ní aṣọ mìíràn ni?" Ó fi àwòrán ojú tó ń sunkún sí i nídìí. Mo kà á, mo tún un kà, inú bí mi. Fídíò nípa bí èèyàn ṣe lè gbé àṣẹkẹ́ àná kaná láìjẹ́ kó dì ni mo gbé síta. Kí ló kan aṣọ níbẹ̀? Mo pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́, mo ní aláìníṣẹ́ kan ló ń wá ìjà kiri, mo sì lọ fọ abọ́ tí mo fi jẹun.

Màmá tí ọ̀rọ̀ yìí kàn, tí àwọn ará Àbíjàn ń pè ní Tàntí bí wọ́n ṣe ń pe àgbà obìnrin lọ́hùn-ún, ẹ̀gbọ́n ìyá mi ni. Àbíjàn ni wọ́n ti lo èyí tó pọ̀ jù nínú ayé wọn kí wọ́n tó padà sí Èjìgbò, bí ọ̀pọ̀ èèyàn wa ṣe máa ń ṣe. Àwọn mìíràn á ti ọ̀hún dé, wọ́n á kọ́lé, wọ́n á gbé àga síwájú rẹ̀, ó parí. Màmá ò lè jókòó. Ẹ̀yìn ilé ni wọ́n gbé ẹ̀rọ tó ń rin ẹ̀gẹ́ sí, wọ́n kó obìnrin mélòó kan jọ, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àṣẹkẹ́, ìyẹn oúnjẹ ẹ̀gẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ tí wọ́n ń fi ooru omi sè, tí àwọn ará Àbíjàn ń fi ẹja díndín àti àlùbọ́sà jẹ. Láti Ifẹ̀-Ọ̀dàn ni ẹ̀gẹ́ ti ń wá, lórí ọ̀kadà tàbí nínú bọ́ọ̀sì. Àṣẹkẹ́ wa ń lọ sí Òṣogbo, ó ń lọ sí Ìbàdàn, ó ń dé Èkó. Èmi ni mò ń bójú tó ojú-ewé wọn lórí fóònù, níbi tí àwọn èèyàn ti ń tẹ̀lé wa, tí wọ́n sì ti ń béèrè ọjà.

Iṣẹ́ tí mo ṣe ní Ìbàdàn náà nìyẹn, fún ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta ọṣẹ, kí wọ́n tó ní kí n máa lọ sílé. Ọ̀gá tó kọ́ mi níbẹ̀ máa ń pín ohun tí à ń gbé síta sí ọ̀nà méjì. Ọ̀kan ni ọ̀rọ̀ tó ń gbó: a ti sè lónìí, a ò ní ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ Iléyá. Bí ọjọ́ rẹ̀ bá ti kọjá, ó kú nìyẹn. Èkejì ni ọ̀rọ̀ tí kì í gbó: bí èèyàn ṣe ń mọ ẹ̀gẹ́ tó ti ní igi nínú, ìdí tí àṣẹkẹ́ fi ń kan jù, bí wọ́n ṣe ń tọ́jú rẹ̀ bí iná ò bá sí. Ẹni tó bá rí i lọ́dún tó ń bọ̀ ṣì máa rí i lò. Irú èyí, èèyàn kì í lò ó lẹ́ẹ̀kan kó sọ ọ́ nù. O máa tò wọ́n tẹ̀ lé ara wọn nínú fóònù, o máa dá àkókò fún wọn, wọ́n á máa jáde fúnra wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, bí wọ́n bá sì jáde tán, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀ láti orí. Kò sí àrékérekè kankan níbẹ̀. Gbogbo àwọn tó ń tẹ̀lé wa kọ́ ló ń rí gbogbo ohun tí a bá gbé síta, díẹ̀ ń rí tòní, díẹ̀ ń rí tọ̀la, àwọn tuntun sì ń wọlé. Mo gbà á gbọ́ nígbà náà, mo ṣì gbà á gbọ́ báyìí.

Kí n má baà máa yọ Màmá lẹ́nu lójoojúmọ́, mo ní ká ya gbogbo fídíò náà pọ̀ lọ́jọ́ kan. Wọ́n jáde láti inú yàrá nínú àǹkárá aláwọ̀ aró kan tí ẹyẹ funfun kún ara rẹ̀. Nígbà tí a yà á dé ìdajì, mo ní ṣé wọn ò ní pààrọ̀ aṣọ. Wọ́n ní rárá, èyí náà ni. Mi ò bi wọ́n ní ìdí, torí oòrùn ti ń yí, mo sì fẹ́ lo ìmọ́lẹ̀ tó kù.

Ohun tó dá wa dúró lọ́jọ́ náà kì í ṣe aṣọ, ìkíni ni. Bí mo bá ti tan fóònù, Màmá á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi nílé lóko, ẹ káàárọ̀ o. Ṣé ẹ jí dáadáa? Ọlọ́run ò ní jẹ́ ẹ fi ebi sùn. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn odi nínú yín, ẹ ó fẹsẹ̀ ara yín rìn wálé." Ẹ̀yìn ìgbà yẹn ni wọn yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ fọwọ́ kan ẹ̀gẹ́. Mo ní kí wọ́n jẹ́ ká kí àwọn èèyàn nínú ọ̀kan péré, ká yọ ọ́ kúrò nínú ìyókù, kó má baà gùn.

Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀. "Kí n já lu ọmọlọ́mọ kí n kàn máa sọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́? Ṣé inú igbó ni wọ́n ti wò mí dàgbà ni?"

Mo fi ìkíni sílẹ̀ nínú gbogbo rẹ̀. Ta ló fẹ́ bá àgbàlagbà jiyàn lórí ìkíni?

Nígbà tí a bẹ̀rẹ̀, ayọ̀ ni. Òwúrọ̀ ni mo dá fún ìjáde wọn, nígbà tí àwọn èèyàn bá ń jí. Bí fídíò bá ti jáde báyìí, Àmín ló kù. Àmín láti Èjìgbò, Àmín láti Masifa, Àmín láti Àbíjàn. "Àmín o, Tàntí." "Àmín Yá Rábì." "Màmá, ẹ̀mí yín á gùn." Mo máa ń kà á sétí Màmá bí wọ́n bá ń mu ẹ̀kọ, wọ́n á sì máa mi orí. Nígbà tí mo rí i bí Àmín ṣe ń pọ̀ sí i, mo ní àwọn èèyàn fẹ́ràn wa, mo sì sún àkókò náà mọ́ra. Fídíò tó yẹ kó tó oṣù mélòó kan kó tó padà wá, kì í pẹ́ mọ́ tó fi ń padà wá. Mo jókòó sílẹ̀ bí ẹni tó gbé omi kaná tí ẹlòmíràn ń bá a dáná.

Ibi tí orí mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú nìyí. Àmín ń pọ̀, ọjà ń dín. Níbẹ̀rẹ̀, àwọn èèyàn máa ń béèrè nǹkan: ṣé èèyàn lè fi epo pupa sí i, kí ló dé tí ti àwọn fi ń lẹ̀ mọ́ abọ́, ṣé ọmọ kékeré lè jẹ ẹ́. Obìnrin kan ní Ìbàdàn bá Màmá jiyàn lórí ìyọ̀ fún odindi ọ̀sẹ̀ kan. Díẹ̀díẹ̀, kò sẹ́ni tó bi wá ní nǹkan kan mọ́. Àmín nìkan ló kù. Ilé ìtajà kan ní Òṣogbo tó máa ń pè wá fúnra rẹ̀, ó dákẹ́. Mo ń wo nọ́ńbà tó ń lọ sókè, mo ń wo ọ̀rá àṣẹkẹ́ tó wà nílẹ̀, mi ò rí bí méjèèjì ṣe bára mu. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá. Mo ṣèèṣì rò pé bóyá àwọn ọ̀tá ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà, ẹ má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́.

Ọ̀rọ̀ aṣọ yẹn tún jáde, láti ẹnu ẹlòmíràn. Mo tún pa á rẹ́. Lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ Àìkú kan tí Màmá ti àsálátù dé, obìnrin kan láti ẹ̀yìnkùlé wa tẹ̀ lé wọn wọlé. Àbúrò obìnrin náà wà ní Àbíjàn. Ó kọ́kọ́ béèrè àlàáfíà gbogbo wa, títí kan ti ewúrẹ́, mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ń bọ̀. Ó ní bọ́ọ̀sì Àbíjàn dé, wọ́n fi ẹrù kan rán òun sí Màmá. Ó gbé báàgì ńlá kan kalẹ̀. Àǹkárá ló kún inú rẹ̀, ẹ̀wù méjì tí wọ́n ti rán, àti bàtà.

"Ta ló fi ránṣẹ́?" Màmá ló béèrè.

"Àwọn ẹgbẹ́ yín lọ́hùn-ún ni, àwọn tí ẹ jọ ń tajà. Wọ́n dá a ni. Wọ́n ní kí ẹ má bínú o. Wọ́n ní àwọn ń rí yín lórí fóònù."

"Wọ́n ń rí mi báwo?"

Obìnrin náà wo ilẹ̀. "Wọ́n ní ìgbà gbogbo tí àwọn bá ti ń rí yín, aṣọ kan náà ló wà lọ́rùn yín. Ẹ mọ̀ bí èèyàn ṣe rí. Wọ́n ní ilé ti le fún yín."

Màmá dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ dáadáa, wọ́n sìn ín dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n kí ọkọ rẹ̀, wọ́n kí ọmọ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n padà wọlé, wọn ò fọwọ́ kan báàgì náà. Wọ́n jókòó tì í. Mi ò rí wọn bẹ́ẹ̀ rí. Ẹni tí kì í sanwó ọ̀kadà láìfún ọlọ́kadà ní àdúrà, tó jẹ́ pé òun ló ń fi nǹkan ránṣẹ́ sáwọn èèyàn lọ́hùn-ún, òun ni wọ́n wá ń dá aṣọ fún bí ẹni tí iná jó ilé rẹ̀. Ojú tì mí débi pé mi ò lè jókòó.

"Ṣàlàyé fún mi," ni wọ́n wí. "Ìgbà tí a ya nǹkan yẹn ńkọ́? Ọjọ́ kan ṣoṣo ni mo wọ aṣọ yẹn."

Mo ṣàlàyé. Mo ní fídíò kan náà ló ń padà wá, pé bó bá dé ìparí, á tún bẹ̀rẹ̀. Mo rò pé wọ́n ti mọ̀ láti ìgbà yẹn, nítorí ojú wọn náà ni mo ti máa ń ka Àmín. Àṣé wọ́n rò pé àwọn èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dáhùn ìkíni ọjọ́ yẹn ni, pé bó ṣe ń kan kálukú ló ń dáhùn.

"Ìyẹn ni pé mo lè wà lórí ibùsùn, kí n máa kí àwọn èèyàn?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

"Wọ́n á sì dá mi lóhùn, èmi ò sì ní mọ̀ pé mo kí wọn?"

Wọ́n wá sọ ìdí tí àwọn fi wọ aṣọ náà fún mi. Àwọn ẹgbẹ́ wọn yẹn gan-an ló rà á fún wọn lọ́jọ́ tí wọ́n ń padà wálé, tí gbogbo wọn sì sin wọ́n dé ìdí bọ́ọ̀sì. Màmá fẹ́ kí àwọn ẹgbẹ́ náà rí i lọ́rùn àwọn, kí wọ́n mọ̀ pé àwọn mọ rírì rẹ̀. Wọ́n rí i lóòótọ́. Wọ́n rí i títí wọ́n fi sunkún.

Àkọ́bí Màmá, tí mo fi ọdún díẹ̀ jù lọ, ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Àbíjàn. Ó pe Màmá lọ́sẹ̀ náà, ó ní òun ń bọ̀ wá mú wọn. Kò béèrè. Ó ní ní mọ́ṣáláṣí, wọ́n ń bi òun bóyá òun ò ní ìyá ni. Ó ní iṣẹ́ ẹ̀gẹ́ yìí ti tó, kí wọ́n fi í sílẹ̀, kí wọ́n wá jókòó sílé òun kí àwọn èèyàn máa rí wọn pẹ̀lú aṣọ gidi. Màmá tẹ fóònù pa. Ní gbogbo ọjọ́ náà, ohun kan náà ni wọ́n ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá wọlé: "Wọ́n fẹ́ wá kó mi bí ẹrù."

Ó sì dé lóòótọ́. Ó ti inú bọ́ọ̀sì sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú ẹsẹ̀ tó wú, ó dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ̀ kí ó tó mu omi. Àwọn obìnrin tó ń bó ẹ̀gẹ́ ń wò ó. Màmá wà láàárín wọn, gbogbo ara wọn funfun fún ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́, wọ́n sì ń bá ẹnì kan jà lórí ẹ̀gẹ́ tí kò bó dáadáa.

Lẹ́yìn oúnjẹ, ó gbé ọ̀rọ̀ kalẹ̀. "Màmá, ẹ má jẹ́ ká fa ọ̀rọ̀ gùn. Mo ń rí yín nínú aṣọ kan yẹn láràárọ̀. Èmi náà ń ṣe Àmín. Àmọ́ ó ń dùn mí."

"Ìwọ tí mo bí, o ò lè pè mí kí o bi mí pé aṣọ mi dà?"

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn fún ìyá ẹni? Ṣé kí n bi yín bóyá ẹ ní aṣọ ni?"

Mo ní kí Màmá jẹ́ ká ṣí àpótí aṣọ wọn hàn án, kó fojú ara rẹ̀ rí i, kó sì lọ sọ fún wọn. Màmá ní, "Mé," bí àwọn ará Àbíjàn ṣe máa ń sọ bí ọ̀rọ̀ bá sú wọn, "ìwọ ọmọ yìí. Kí n máa kó aṣọ síta fún ọmọ mi bí ẹni tó wà ní kóòtù? Ìwọ lo gbé mi síbẹ̀, ìwọ ni kí o gbé mi kúrò."

Ọmọ wọn ní òun máa gbà á bẹ́ẹ̀. Òun máa padà pẹ̀lú bọ́ọ̀sì tó ń bọ̀. Ṣùgbọ́n bí àwọn èèyàn bá ṣì ń dá òun dúró ní mọ́ṣáláṣí nígbà tí ọdún bá fi máa parí, òun máa padà wá kó ìyá òun, kò sì sí àwíjàre. Ó wá kọjú sí mi. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun. Ẹ mú fídíò aláṣọ yẹn kúrò, kí ẹ sì wá bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jẹ́, kó yé mi nígbà tí mo bá dé ọ̀hún."

Kò tíì yé èmi alára. Ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe ni pé mo dá gbogbo ìtòlẹ́sẹẹsẹ náà dúró, mo jẹ́ kí ojú-ewé náà dákẹ́. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ rírin ẹ̀gẹ́, níbi tí netíwọ́ọ̀kì ti ń wá dáadáa, mo sì ń wo orúkọ àwọn tó ń ṣe Àmín. Tẹ́lẹ̀, iye wọn ni mò ń wò. Mi ò wo àwọn fúnra wọn rí. Àwọn kan náà ni! Orúkọ kan náà lábẹ́ fídíò yìí, orúkọ kan náà lábẹ́ èyí tó tẹ̀ lé e. Ó wá yé mi díẹ̀. Bí ẹnì kan bá ti fèsì sí nǹkan rẹ, fóònù á gbà pé ó fẹ́ràn rẹ̀, á tún gbé òmíràn síwájú rẹ̀. Ọmọ Yorùbá wo ni àgbàlagbà á kí tí yóò wò ó níran? Kò sí. Wọ́n fèsì nítorí ẹ̀kọ́ ilé, fóònù sì rò pé ìfẹ́ àṣẹkẹ́ ni. Bí wọ́n ṣe ń dáhùn ni à ń padà lọ bá wọn, bí a ṣe ń padà lọ bá wọn ni wọ́n ń dáhùn. Àwọn tó bọ̀wọ̀ fún wa jù ni a ń dá lágara jù. Àwọn tí kò dáhùn, tí wọn kò tíì rí ẹ̀kọ́ náà lẹ́ẹ̀kan, a ò dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́. Àwọn mélòó kan ti tẹ̀ ẹ́ lórí fóònù wọn jẹ́ẹ́ pé kó má gbé wa síwájú àwọn mọ́, wọn ò sì sọ fún wa, nítorí wọn ò lè wí fún Màmá pé ó tó.

Mo tú gbogbo rẹ̀ palẹ̀. Mo bẹ Màmá kí a tún fídíò náà yà, lọ́tẹ̀ yìí, ọwọ́ wọn nìkan ni kí a fi hàn. Ọwọ́ tó ń bó, ọwọ́ tó ń rin, ọwọ́ tó ń jọ̀ ọ́, pẹ̀lú ohùn wọn lẹ́yìn. Kò sí aṣọ, kò sí ẹ káàárọ̀, kò sí "lọ́sẹ̀ yìí," kò sí "ẹ̀ẹ̀rùn ti dé." Bí ẹnikẹ́ni bá rí i nígbàkigbà, kò ní mọ ọjọ́ tí a yà á. Ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, mo wá ẹnu ọ̀nà mélòó kan fún un. Èyí á bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè, èyí á bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí nǹkan ti bàjẹ́, kó má baà jẹ́ pé ọ̀rọ̀ kan náà ló ń kàn ọ́ lẹ́nu ilẹ̀kùn. Mo fi àlàfo oṣù sáàárín kí ọ̀kan tó lè padà wá. Mo ń fi nǹkan tuntun sáàárín wọn, ẹ̀gẹ́ tó dé láàárọ̀ yẹn, ẹ̀rọ tó bàjẹ́, kí ti tuntun máa pọ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Eléyìí tí àwọn èèyàn ò bá kọbi ara sí mọ́, mo jẹ́ kó sinmi. Bí mo bá sì gbọ́ pé òkú àgbà sùn ládùúgbò, mo máa dá gbogbo rẹ̀ dúró fúngbà díẹ̀.

Ìkíni ló fa ìjà. Màmá ní àwọn ò lè gbà kí wọ́n máa gbọ́ ohùn àwọn láìkí èèyàn. A fà á títí. Níkẹyìn, wọ́n gbà pé ọjọ́ tí àwọn bá ní nǹkan tuntun láti sọ, àwọn á jáde, àwọn á kí wọn lójúkojú, nínú aṣọ tí àwọn bá wọ̀ lọ́jọ́ náà. Ti inú èyí tó ń yípo, kí ó lọ bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní kí n mọ̀ pé kò tẹ́ àwọn lọ́rùn.

Ó ṣe díẹ̀ kó tó yọrí. Nígbà tí fídíò ọwọ́ jáde, Àmín dín kù tó fi ba mí lẹ́rù, mo ti ń rò pé mo ti pa ojú-ewé náà. Lẹ́yìn náà ni ẹnì kan béèrè ìdí tí ti òun fi ń rùn. Ẹlòmíràn ní irọ́ ni Màmá ń pa lórí ẹ̀gẹ́ pupa. Obìnrin Ìbàdàn oníyọ̀ padà dé. Inú mi dùn pé wọ́n ń bá wa jà. Òṣogbo pè. Fídíò tó padà wá lẹ́yìn oṣù mélòó kan, kò sẹ́ni tó ní òun ti rí i rí, àfi ọkùnrin kan tó ní òun ti ń wá a. Láti Àbíjàn, ẹnì kan kọ ọ́ pé, "Tàntí, ẹ ti sanra o," torí ó rí Màmá nínú bùbá pupa lọ́jọ́ tí wọ́n jáde wá kí àwọn èèyàn. Màmá jẹ́ kí n ka ìyẹn fún àwọn lẹ́ẹ̀mejì. Ọdún parí, bọ́ọ̀sì Àbíjàn dé, ó sì padà, Màmá ò sí nínú rẹ̀.

Mo ti rò pé gbogbo rẹ̀ ti yé mi nígbà tí ọmọ wọn kọ̀wé sí mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ìgbà wo ni ti Màmá yẹn máa tún yí kàn? Èyí tí wọ́n ti ń sọ pé Ọlọ́run ò ní jẹ́ ká fi ebi sùn."

Mo ní, "Ṣé ìwọ kọ́ lo ní kí n mú un kúrò?"

"Èmi ni. Mo máa ń gbọ́ ọ kí n tó ṣí ṣọ́ọ̀bù ni. Aṣọ ló ń dùn mí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ wọn."

"Pè wọ́n lórí fóònù nígbà náà."

"Bí mo bá pè wọ́n, ẹjọ́ ni wọ́n máa ń rò fún mi. Wọn kì í ṣe àdúrà yẹn fún mi lórí ìpè."

Kò yé mi. Kò yé mi títí dòní, kí n má purọ́. Ohun tí àwọn èèyàn sá fún náà ni ẹnì kan jókòó tó ń retí. Nínú gbogbo Àmín tí mo kà, tí mo ní ẹ̀kọ́ ilé ni, èyí tó jẹ́ Àmín lóòótọ́ wà níbẹ̀, mi ò sì dá a mọ̀. Mo ronú pé kí n fi fídíò àtijọ́ ránṣẹ́ sí òun nìkan, kò ní bí ẹlòmíràn nínú. Mo kọ́kọ́ lọ sọ fún Màmá ná.

Wọ́n ń jọ ẹ̀gẹ́ lọ́wọ́. Wọ́n dúró. Wọ́n ní kí n tún ọ̀rọ̀ ọmọ náà sọ, mo tún un sọ. Wọ́n fọ ọwọ́, wọ́n wọ yàrá lọ, wọ́n sì pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n jáde, aṣọ aláwọ̀ aró yẹn ni wọ́n wọ̀, àwọn ẹyẹ funfun ara rẹ̀ ti ká fún pípẹ́ nínú àpótí.

"Tan fóònù. Òun nìkan ni kí o fi ránṣẹ́ sí o."

Mo tan án. Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n sì kí i. Ọ̀rọ̀ kan náà ni, kò yẹ̀ rárá, títí dé "ẹ ó fẹsẹ̀ ara yín rìn wálé." Wọ́n bi mí bóyá ó ti lọ. Mo ní ó ti lọ. Kò pẹ́, èsì dé: "Àmín, Màmá mi."

Ní ọjọ́ kejì, mi ò tíì bọ́jú tán tí wọ́n fi dúró sẹ́nu ọ̀nà mi. Wọ́n ní fóònù dà. Bó ṣe rí lọ́jọ́ kẹta nìyẹn, àti lẹ́yìn rẹ̀. Láàárọ̀ kan tí ara mi ò yá, mo ní, "Màmá, ọ̀rọ̀ kan náà lẹ máa ń sọ. Ẹ jẹ́ kí n fi tàná ránṣẹ́ sí i, kò ní mọ̀."

Wọ́n fara ti òpó ilẹ̀kùn, wọ́n sì ń de gèlè wọn.

"Tàná ni mo fi kí i lánàá," ni wọ́n wí. "Ó gbọ́dọ̀ mọ̀ pé mo jí lónìí."

Mo dìde, mo wá fóònù.